Ìbò Tí Ó Ń Yí Po: Láti Jos 1993 Dé Oakland 2022

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1993, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú SDP kóra jọ sí ìlú Jos láti yan ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́ wọn nínú ìdìbò sípò Ààrẹ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò àkọ́kọ́ tán, Olóyè Mọ́ṣúùdù Abíọ́lá ni ó ṣáájú. Babagana Kingibe, tí ó ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà rí, ni ó tẹ̀ lé e. Atiku Abubakar ni ó wà ní ipò kẹta. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìbò rẹ̀ ju ìdajì lọ. Nítorí náà, àwọn aṣojú ní láti dìbò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ìbò kejì tó wáyé, Atiku fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tún kà á, Abíọ́lá ni ó borí Kingibe, àlàfo tí ó sì wà láàárín wọn kò tó nǹkan. Abíọ́lá wá fi Kingibe ṣe igbákejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni orúkọ wọn wà nínú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, èyí tí ìjọba ológun wọ́gi lé. Gbogbo ayé ni ó mọ apá ìkẹyìn ìtàn yìí. Apá àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn kì í sábà tún yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ni ó wà níbẹ̀: ọwọ́ àwọn tí wọ́n dìbò fún ẹni kẹta ni ìpinnu já sí.

Ìwé ìdìbò àkọ́kọ́ ní Jos kò béèrè lọ́wọ́ àwọn olùdìbò Atiku pé, “Bí kò bá ṣe ẹni yìí, ta ni ẹ tún fẹ́?” Ìbéèrè yẹn jẹ yọ lẹ́yìn tí a ti ka ìbò, nígbà tí olúkúlùkù ti mọ iye tí ó ní àti iye tí ó kù fún un. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóṣèlú máa ń wọlé tọ ara wọn, tí wọ́n máa ń ṣe àdéhùn, tí wọ́n sì máa ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ibi tí wọn yóò yà sí. Bí ẹlòmíràn ni ó bá wà ní ipò kẹta ní Jos, tí ó sì jẹ́ pé ìbò tirẹ̀ ni a pín, ǹjẹ́ ẹni kan náà ni yóò borí? Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí a lè fi dáhùn, nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn aṣojú náà kò kọ ju orúkọ kan ṣoṣo lọ sílẹ̀.

Ìlànà ìdìbò kan wà tí ó ń gbìyànjú láti dí àlàfo yẹn. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ṣe ní Jos, ìlànà náà ń ṣe é pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo. Olùdìbò yóò to àwọn òǹdíje ní ipò. Yóò kọ 1 síwájú ẹni tí ó fẹ́ jù lọ, 2 síwájú ẹni tí ó tẹ̀ lé e lọ́kàn rẹ̀, àti 3 síwájú ẹni tí ó kẹ́yìn. Ìbò onípò ni a ó máa pè é níhìn-ín. Àwọn ará Australia ti ń lo irú rẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà sì ti gbà á láàárín ọdún díẹ̀ sí àkókò yìí.

Bí wọ́n ṣe ń kà á kò le. Ipò kìíní nìkan ni wọn yóò kọ́kọ́ kà. Bí ẹnìkan bá ní ju ìdajì lọ, ìbò parí. Bí kò bá sí, wọn yóò yọ ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù kúrò, wọn yóò sì mú ìwé àwọn tí ó dìbò fún un, wọn yóò wo ẹni tí wọ́n kọ 2 sí, wọn yóò fi kún ìbò ẹni náà. Báyìí ni wọn yóò máa ṣe títí ẹnìkan yóò fi ré kọjá ìdajì. Kò sí àyè fún àdéhùn láàárín ìkà kan àti òmíràn, nítorí pé olùdìbò ti sọ ọkàn rẹ̀ tán kí ó tó kúrò níbi àpótí.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bá sọ gbogbo ohun tí ó wà lọ́kàn wọn, nǹkan kan lè hàn nínú ìwé wọn tí ìbò olórúkọ kan kì í jẹ́ kí a rí.

Kí ó lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a fi àdúgbò kan ní Èjìgbò, lábẹ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni. Kò sí ẹgbẹ́ kan pàtó tí à ń bá wí. Ká sọ pé onílé 45 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, wọ́n sì fẹ́ yan alága. Ènìyàn mẹ́ta ni ó jáde. Èkíní ní gọ́tà ni òun yóò kọ́kọ́ fi owó ẹgbẹ́ ṣe, nítorí àgbàrá òjò. Èkejì ní tiransifọ́mà ni òun yóò rà. Ẹ̀kẹta ní géètì àti ọdẹ ni ó jẹ òun lógún. Kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn, ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní Onígọ́tà, Onítiransifọ́mà àti Onígéètì.

Àwọn onílé tí ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń ya wọ yàrá, jẹ́ 18. Wọ́n to Onígọ́tà sí ipò kìíní, Onítiransifọ́mà sí ìkejì, Onígéètì sí ìkẹta. Àwọn tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, tí iná ṣe kókó fún iṣẹ́ wọn, jẹ́ 15. Onítiransifọ́mà ni wọ́n fi ṣe èkíní. Nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù olè tí ó lè fọ́ ṣọ́ọ̀bù, Onígéètì ni wọ́n fi ṣe èkejì, wọ́n sì fi Onígọ́tà kẹ́yìn. Àwọn 12 tí ó kù ń gbé ní ẹnu títì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gba inú àdúgbò kọjá ní òru. Onígéètì ni èkíní wọn, Onígọ́tà ni èkejì, Onítiransifọ́mà ni ó kẹ́yìn.

Nínú ènìyàn 45, ẹni tí yóò borí gbọ́dọ̀ ní 23. Kò sí ẹni tí ó ní i ní ìkà àkọ́kọ́: Onígọ́tà ní 18, Onítiransifọ́mà ní 15, Onígéètì ní 12. Wọn yóò yọ Onígéètì. Àwọn 12 tí wọ́n dìbò fún un ti kọ 2 síwájú Onígọ́tà, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbò wọn yóò lọ. Onígọ́tà di 30, Onítiransifọ́mà dúró sí 15. A ti rí alága.

Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá ti patẹ́wọ́ tán, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tún kó ìwé náà sílẹ̀, kí ó sì wo àwọn òǹdíje náà ní méjì-méjì bí àwọn oníjàkadì. Ta ni àwọn ènìyàn fẹ́ ju ta lọ?

Nígbà tí Onígọ́tà bá dojú kọ Onítiransifọ́mà, àwọn ará ìsàlẹ̀ àti àwọn ará ẹnu títì ni wọ́n fi Onígọ́tà ṣáájú. 30 sí 15. Nígbà tí Onítiransifọ́mà bá dojú kọ Onígéètì, àwọn ará ìsàlẹ̀ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi Onítiransifọ́mà ṣáájú; 33 sí 12. Títí dé ibí yìí, gbogbo rẹ̀ gún régé. Bí Òjó bá dá Àjàyí, tí Àjàyí sì dá Àìná, ó yẹ kí Òjó lè dá Àìná. Ṣùgbọ́n nígbà tí Onígéètì bá dojú kọ Onígọ́tà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ará ẹnu títì ni wọ́n fi Onígéètì ṣáájú. 27 sí 18. Àìná gbé Òjó ṣánlẹ̀.

Èyí ni àyípo. Onígọ́tà borí Onítiransifọ́mà, Onítiransifọ́mà borí Onígéètì, Onígéètì borí Onígọ́tà, a sì padà sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí onílé kankan tí orí rẹ̀ dàrú nínú àwọn 45 náà. Olúkúlùkù wọn ni ó mọ èyí tí ó fẹ́ jù, èyí tí ó tẹ̀ lé e, àti èyí tí kò fẹ́. Nígbà tí a pa ohùn wọn pọ̀ ni ohùn náà di òbìrípo.

Ohun tí ó mú kí ó ṣòro ni pé, ẹni yòówù kí a fún ní ipò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní ẹjọ́ tí ó tọ́ láti rò. Bí a bá fi Onígọ́tà joyè, ènìyàn 27 lè dìde pé Onígéètì ni àwọn fẹ́ jù ú lọ. Bí a bá wá gbé e fún Onígéètì, ènìyàn 33 yóò ní Onítiransifọ́mà ni àwọn fẹ́ jù ú lọ. Bí a bá sì gbé e fún Onítiransifọ́mà, ènìyàn 30 yóò pariwo orúkọ Onígọ́tà. Kò sí ibi tí a lè gbé ipò náà sí tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn onílé kò ní ráhùn, tí ìráhùn wọn kò sì ní jẹ́ òtítọ́.

Nínú irú ipò báyìí, ètò ìkà ni ó ń yan alága. Onígọ́tà borí nítorí pé Onígéètì ni a kọ́kọ́ yọ. Ká ní Onítiransifọ́mà ni a kọ́kọ́ yọ ni, Onígéètì ni ìbá borí pẹ̀lú 27. Ká sì ní Onígọ́tà ni a kọ́kọ́ yọ, Onítiransifọ́mà ni ìbá borí pẹ̀lú 33. Ẹni tí ó bá jáde lákọ̀ọ́kọ́ ni ó ń sọ ẹni tí yóò wọlé.

Àwọn àgbà tí wọ́n ti pẹ́ nídìí ìpàdé mọ irú èyí, bí wọn kò tilẹ̀ fún un lórúkọ. Alága tí ó ń darí ìpàdé lè sọ pé kí a nawọ́ sókè fún méjì nínú mẹ́ta, kí ẹni tí ó bá borí sì dojú kọ ẹni kẹta. Bí ó bá kọ́kọ́ pe Onígọ́tà àti Onítiransifọ́mà, Onígọ́tà yóò borí, Onígéètì yóò sì wá lé e kúrò. Bí ó bá kọ́kọ́ pe Onítiransifọ́mà àti Onígéètì, Onígọ́tà ni yóò jókòó sórí àga nígbẹ̀yìn. Bí ó bá sì jẹ́ Onígọ́tà àti Onígéètì ni ó kọ́kọ́ pè, Onítiransifọ́mà ni yóò gbà á. Nígbà tí àyípo bá wà nílẹ̀, ẹni tí a fi pamọ́ di ìparí ni ó ń borí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń to ètò ìpàdé lè ti mọ alága tuntun kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́.

Ará Faransé kan, Marquis de Condorcet, ni ó kọ nípa àyípo yìí lọ́nà tí ó ṣe kedere nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1785. Onímọ̀ ìṣirò ni, ó sì gbà pé òǹdíje tí ó bá lè borí olúkúlùkù àwọn yòókù ní méjì-méjì ni ó tọ́ kí a fún ní ipò. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú olùborí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe ìṣirò náà lọ ni ó rí i pé nígbà mìíràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí rárá. Ìjà ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé òun fúnra rẹ̀ lọ: wọ́n lé e, ó sá pamọ́, wọ́n mú un, ó sì kú sí àtìmọ́lé ní ọdún 1794. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn ènìyàn gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ yìí títí di ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 1951, Kenneth Arrow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé kì í ṣe àìgbọ́n àwọn tí ó ń ṣe òfin ìdìbò ni ó fa wàhálà náà. Bí òǹdíje bá ti pé mẹ́ta, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà pa ìtò àwọn olùdìbò pọ̀ tí yóò pa gbogbo ìlànà àìṣègbè díẹ̀ tí ó kà sílẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn kan rò pé àyípo kò ju eré àwọn onímọ̀ ìṣirò lọ. Èrò yẹn kò dúró mọ́ lẹ́yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oakland, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ California.

Láti ọdún 2010 ni Oakland ti ń lo ìbò onípò. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n rí agbára rẹ̀, nígbà tí Don Perata ṣáájú ní ìkà àkọ́kọ́ fún ipò olórí ìlú, ṣùgbọ́n tí Jean Quan borí lẹ́yìn tí a pín ìbò àwọn tí ó já bọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ènìyàn mẹ́ta ni ó díje láti ṣojú Ẹkùn Kẹrin nínú ìgbìmọ̀ alákòóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà: Nick Resnick, Mike Hutchinson àti Pecolia Manigo. Resnick ni ó ṣáájú ní ipò kìíní. Hutchinson àti Manigo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọgbọọgba lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìkà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Hutchinson ni ó kéré jù. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n pín ìbò rẹ̀, Resnick sì borí Manigo. Àwọn aláṣẹ ìdìbò fọwọ́ sí èsì náà, Resnick sì ń múra láti gba ipò.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ti wà nínú ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ka ìwé. Àwọn olùdìbò kan wà tí wọ́n fi àyè ipò kìíní sílẹ̀ lófìfo, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ipò kejì. Òfin Oakland sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́: kí a fo àyè òfìfo náà, kí a sì ka orúkọ tí ó tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí èkíní. Bí a ṣe to ètò kọ̀ǹpútà náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìkà àkọ́kọ́, ńṣe ni ó gbé àwọn ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹgbẹ́ kan tí ó ń ti ìbò onípò lẹ́yìn ni ó ṣàkíyèsí pé ìṣirò náà kò bá ara mu, tí ó sì pe àkíyèsí àwọn aláṣẹ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, ìjọba agbègbè náà kéde pé àwọn ti ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí wọ́n tún un kà bí òfin ṣe sọ, àwọn ìwé díẹ̀ náà tó láti yí ipò kejì àti ìkẹta padà. Manigo ni ó wá kéré jù. Òun ni wọ́n yọ. Nígbà tí wọ́n pín ìbò rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Hutchinson, Hutchinson sì ré Resnick kọjá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ já bọ́ ni ó wá borí. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́, ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni adájọ́ sì dá a pé Hutchinson ni ó ni ipò náà.

Ìdí tí àṣìṣe kékeré fi lè gbé ipò láti ọwọ́ ẹnìkan fún ẹlòmíràn hàn nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò yẹ àwọn ìwé ìdìbò náà wò ní méjì-méjì. Hutchinson borí Resnick. Resnick borí Manigo. Manigo borí Hutchinson. Àyípo ni, gẹ́lẹ́ bí ti àwọn onílé 45 inú àpẹẹrẹ wa. Ká ní ẹnìkan wà láàárín wọn tí ó lè dá àwọn méjèèjì yòókù ni, ẹni yòówù kí a yọ nínú àwọn méjì yẹn, òun náà ni ìbá borí ní ìkẹyìn. Nínú àyípo, kò sí irú òpó bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde, ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde sì rọ̀ mọ́ ìwé ìbò díẹ̀.

Irú èyí kò wọ́pọ̀. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti yẹ ọ̀pọ̀ ìbò onípò wò ní Amẹ́ríkà rí i pé nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ, ẹnìkan wà tí ó lè borí olúkúlùkù àwọn yòókù, òun náà ni ó sì sábà máa ń wọlé. Èkejì irú Oakland tí wọ́n rí ni ti Ẹkùn Kejì nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Minneapolis ní ọdún 2021, níbi tí ìbò 19 péré ti ya olùborí sọ́tọ̀ ní ìkà ìkẹyìn. Àyípo kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó mú ènìyàn sá fún ìbò onípò. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò tí kò bá rò ó ṣáájú yóò bá a ní ojú ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

Bí a bá sì bá a, kí ni ṣíṣe? Ọ̀nà kan ni èyí tí Oakland ń tọ̀: kí a máa yọ ẹni tí ó kéré jù ní ipò kìíní, kí a sì gba ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀nà mìíràn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Condorcet ń sọ ni pé kí a ṣe ìjàkadì náà ní méjì-méjì. Bí ó bá di àyípo, kí a wo èyí tí àlàfo rẹ̀ kéré jù nínú àwọn ìṣẹ́gun náà, kí a sì fojú fo ó. Ní àdúgbò wa ní Èjìgbò, Onígọ́tà fi 15 ju Onítiransifọ́mà lọ, Onítiransifọ́mà fi 21 ju Onígéètì lọ, Onígéètì sì fi 9 péré ju Onígọ́tà lọ. Èyí ni ó fúyẹ́ jù. Bí a bá fojú fo ó, Onígọ́tà ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò dá. Níhìn-ín, ọ̀nà méjèèjì bọ́ sí ọwọ́ ẹni kan náà, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn 27 tí wọ́n fẹ́ Onígéètì jù ú lọ ṣì wà níbẹ̀. Òfin kàn sọ fún wọn pé ẹjọ́ tiwọn ni ó fúyẹ́ jù ni. Kò sí ọ̀nà tí ó lè mú kí ẹjọ́ wọn di irọ́.

Nítorí náà, ìgbà tí a ṣe òfin náà ṣe pàtàkì bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí àwọn onílé 45 bá ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ kí òǹdíje kankan tó jáde pé báyìí ni àwọn yóò ṣe bí ó bá di àyípo, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé nítorí òun ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìkà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lé e lórí, òfin tí olúkúlùkù yóò mú wá ni èyí tí ó gbé ẹni tirẹ̀ wọlé. Bákan náà ni ti ìwé tí a fi ipò kìíní rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Oakland ní òfin fún un. Ẹ̀rọ ni kò tẹ̀ lé e. Ohun tí ó sì jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìwé ìdìbò náà síta láìsí orúkọ olùdìbò lára rẹ̀, tí ẹlòmíràn fi lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Àpapọ̀ iye nìkan kò lè fi àyípo han ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti padà sí ilé. Èjìgbò wà lára àwọn agbègbè 37 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ní ọdún 2003. Láti ara ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tí àwọn ará Èjìgbò bá jáde láti yan alága wọn, ìka kan ni olùdìbò ń tẹ̀, síwájú ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ẹni tí ó bá sì pọ̀ jù ni ó ń wọlé, kódà bí kò dé ìdajì. Kò sí àyípo tí yóò hàn nínú irú ìbò bẹ́ẹ̀ láé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwé náà kò béèrè ohun tí ó lè fi í hàn. Bí àyípo bá wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó wọlé kò ní mọ̀, àwọn tí ó fìdí rẹmi náà kò sì ní mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Jos. Ó ṣeé ṣe kí Abíọ́lá jẹ́ ẹni tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣojú náà fẹ́ ju Kingibe lọ, tí wọ́n sì fẹ́ ju Atiku lọ pẹ̀lú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ètò ìkà méjì-méjì tí ìbá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àyípo ni ó wà nínú pápá náà lọ́jọ́ yẹn, tí ó fi jẹ́ pé nítorí Atiku ni ó wà ní ipò kẹta, tí ó sì fà sẹ́yìn, ni orúkọ Abíọ́lá fi dé orí ìwé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà. Ìbò kejì sọ fún wa pé ó borí Kingibe. Kò sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí òun àti Atiku nìkan bá dojú kọ ara wọn, tàbí bí ó bá jẹ́ Kingibe àti Atiku. Ìjàkadì méjì nínú mẹ́ta ni a kò jà ní Jos.